Fún Ìdí Yòówù

Ìyá wọn ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá yà sílé wọn: "Àgbà mi ló mọ ìwé, àbúrò ló mọ ènìyàn." Inú ìyá á máa dùn, àlejò á rẹ́rìn-ín, àbúrò á tẹ orí ba. Àgbà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà máa ń há lọ́nà ọ̀fun, nítorí ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ìwé kì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.

Ilé ìwòsàn kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Àgbà ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Òun ló ń kọ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, òun ló ń ka ọjọ́ ìsinmi, òun ló mọ ẹni tó pẹ́ dé àti irọ́ tó pa mọ́ ọn. Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun. Nítorí bó ṣe máa ń rìn kí ọmọ má baà jí, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu dé ẹnu, dé ọwọ́.

Ẹ má ṣe rò pé wọ́n fi ohunkóhun du Akọ̀wé o. Òun náà fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n mú òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá níbi tí wọ́n ti ń di ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tí dígí gé. Akọ̀wé rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bá ilẹ̀ lọ gbalaja. Nígbà tó lajú, nọ́ọ̀sì kan ń fẹ́ ẹ, ìwé ẹ̀rí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sì fi ń fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì parí sí, tó fi lọ kọ́ ìwé títẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá lẹ́bi, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún jù. Ìlara tó ní ẹni tó fà á á máa rọ ènìyàn lọ́rùn díẹ̀. Tirẹ̀ kò ní.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti kọ lẹ́tà pé kí ilé ìwòsàn rán òun lọ síbi ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ìtọ́jú òṣìṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá a lóhùn pé owó kò tíì sí. Ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú àpótí tábìlì rẹ̀, lábẹ́ àbẹ́là àti bébà ìnuwọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Dókítà Àgbà, ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà, ránṣẹ́ pè é.

"Akọ̀wé, àwọn àpótí gíláàsì tí a fẹ́ máa tẹ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sí ti dé. Méjì ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n lò dáadáa níbí. Jẹ́jẹ́ la máa rán lọ sókè òkun, oṣù márùn-ún. Kọ ìwé àdéhùn rẹ̀."

Akọ̀wé gbọ́ "oṣù márùn-ún", ó gbọ́ "òkè òkun". Nǹkan kan gbóná fún un láyà bí ìgbà tí ènìyàn gbé omi gbígbóná mì láìfẹ́ ẹ.

"Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ àbúrò mi ni. Ṣé kò ní dáa kí ẹlòmíràn kọ ọ́?"

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n kọ? Bó o bá kọ ọ́ tán, agbẹjọ́rò á wò ó. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó má lọ kọ́ṣẹ́ tán kí ilé ìwòsàn mìíràn wá gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Mi ò lè dáná tán kí ẹlòmíràn wá yá a. Ṣáà kọ nǹkan tí kò ní jẹ́ kó sá lọ."

Kó tó padà dé tábìlì rẹ̀, ìròyìn ti kárí ilé. Mátíróònù ti dì mọ́ Jẹ́jẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn agbálẹ̀ ń bá a yọ̀, ẹnìkan ti ń béèrè ohun tó máa rà bọ̀. Fóònù Akọ̀wé dún. Ìyá wọn ni.

"Ọmọ mi ń lọ sókè òkun! Ṣé o ti gbọ́? Háà, Ọlọ́run tóbi! Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

Kò tíì jẹun.

Ó ṣí fáìlì àwọn àdéhùn àtijọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ ló kó o sílẹ̀, àwọn bébà rẹ̀ ti pọ́n létí. Ó wá èyí tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó sì rí ìlà náà níbi tó mọ̀ pé ó wà: "Bí òṣìṣẹ́ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ìdí yòówù láàárín ọdún mẹ́ta, yóò san gbogbo owó tí a ná lé e lórí padà." Ìlà pẹ́ńsù kan gba orí ọ̀rọ̀ náà kọjá. Akọ̀wé ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Ó rántí ọjọ́ tó fà á. Ọkùnrin tó ń ya àwòrán egungun ni wọ́n fi àdéhùn náà dè. Ó ti ṣe oṣù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ku oṣù méjì péré, ni ẹ̀yìn bá dá a dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde dúró ti ẹ̀rọ mọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí yòówù sì ni ìdí yòówù: wọ́n ní kó san gbogbo rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé àpòòwé owó wá ní ìparí oṣù, á dúró níwájú tábìlì Akọ̀wé, Akọ̀wé á kọ rìsíìtì fún un. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà san èyí tó kẹ́yìn, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ọkọ mi fọwọ́ sí i, ta ló kà á fún un?" Kò sí ohùn ìbínú nínú rẹ̀. Bó ṣe jáde ni Akọ̀wé mú pẹ́ńsù tó fa ìlà yẹn, tó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé òun mọ́.

Ẹni tó bá ń wá rere lọ́wọ́ Akọ̀wé lọ́jọ́ Ajé yẹn, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó mú írésà, ó pa ìlà pẹ́ńsù náà rẹ́, ó fẹ́ ẹ̀gbin rẹ̀ dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. "Fún ìdí yòówù." Ó fi í sílẹ̀. "Ọdún mẹ́ta." Ó fi í sílẹ̀. "Gbogbo owó náà, láìka iye oṣù tí ó ti ṣe sí." Tirẹ̀ nìyẹn, kò sí nínú ti àtijọ́, òun ló fi kún un kó lè dájú. Ó tún kọ ọ́ pé owó oṣù tí Jẹ́jẹ́ bá gbà nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ wà lára owó tó máa dá padà. Owó oṣù o! Owó tí ènìyàn fi òógùn ojú rẹ̀ gbà! Nígbà tó dé ojú ewé tó kẹ́yìn, ó tẹ ibi tí onígbọ̀wọ́ máa fọwọ́ sí: ẹni tó ń gba owó oṣù, tí yóò san án bí òṣìṣẹ́ kò bá lè san án. Kò ro ti onígbọ̀wọ́ rárá. Ara ìwé ni, gbogbo ìwé ló ní in.

Ó wí fún ara rẹ̀ pé ọ̀gá ló ní kí òun dè é. Ó wí fún ara rẹ̀ pé Jẹ́jẹ́ kò ní kúrò, nítorí náà kò ní san nǹkan kan. Àwọn ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ẹni tó ń ṣe ìlara kì í ṣaláìní ọ̀rọ̀ tó dáa.

Lọ́jọ́rú, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ. Lọ́jọ́bọ̀, Jẹ́jẹ́ wọlé wá pẹ̀lú ẹ̀dà náà lábẹ́ apá àti bírò lọ́wọ́. Òórùn ọṣẹ ìfọwọ́ wà lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

"Ṣé o ti kà á?"

"Kí ni mo fẹ́ kà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Wọ́n ní ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àmọ́ òwe yẹn kò sọ bó ṣe máa ń rí fún aláta, nígbà tí ojú tó fẹ́ fẹ́ bá ṣí sílẹ̀ gbagada níwájú rẹ̀ tó ń dúró de atẹ́gùn.

Jẹ́jẹ́ ti ṣí i dé ojú ewé ìparí. "Mo ti bá yín kọ orúkọ yín síbi onígbọ̀wọ́. Wọ́n ní ẹni tó ń gba owó oṣù ni. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, Màámi ń tajà. Ta la tún ní nílé wa?"

Akọ̀wé wo ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni, nínú ìkọ̀wé roboto tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ Jẹ́jẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Òun, tó ń fi ojoojúmọ́ béèrè onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, kò fi ìgbà kankan béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ta ni Jẹ́jẹ́ máa mú wá. Bí àbúrò bá ṣàìsàn, owó oṣù òun. Bí wọ́n bá dá a dúró láìṣẹ̀, owó oṣù òun. Ká má parọ́: ẹ̀rù owó ló kọ́kọ́ bà á. Ìfẹ́ àbúrò ṣì ń wá bàtà wọ̀ nígbà tí ẹ̀rù owó ti dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú wá, ìtìjú sì ló pẹ́ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi ìfọwọ́sí.

"Kà á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ ń dúró dè mí."

"Kà á, mo ní."

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìdúró. Nígbà tó dé àárín, ó fa àga, ó jókòó. Ó padà sókè, ó tún un kà. Fáànù ń yí lókè orí wọn, ó ń gbé etí bébà náà sókè, Jẹ́jẹ́ sì ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Tí mo bá ṣàìsàn ńkọ́?"

"Wàá san án."

"Tí wọ́n bá ní àwọn kò nílò mi mọ́?"

"Wàá san án."

"Tó bá ku oṣù kan kí ọdún mẹ́ta pé?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Owó oṣù mi náà wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà nínú ẹ̀."

Jẹ́jẹ́ gbé ojú sókè. "Dókítà ló ní kí ẹ kọ ọ́ báyìí?"

Ilẹ̀kùn irọ́ nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ dáadáa, Akọ̀wé kàn máa rìn wọlé ni. Kò wọlé.

"Rárá. Ó ní kí n kọ ohun tí kò ní jẹ́ kó o sá lọ. Èmi ni mo kọ ìyókù."

"Kí ló dé?"

"Ìlara rẹ ni mò ń ṣe."

Ó rọrùn láti sọ ju bó ṣe rò lọ. Jẹ́jẹ́ kò sunkún, kò sì pariwo. Ó wo orúkọ tó kọ síbi onígbọ̀wọ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ká ní orúkọ ẹlòmíràn ni mo kọ síbí, ṣé ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n fọwọ́ sí i?"

Akọ̀wé la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé rárá, láéláé. "Mi ò mọ̀," ló sọ.

Jẹ́jẹ́ dìde, ó fi ìwé àti bírò sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ká ní ó gbá a mọ́ ògiri ni, ì bá sàn fún Akọ̀wé.

Kò lọ jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn náà. Ó fa bébà òfìfo síwájú, ó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Èwo ni owó tó máa dá padà? Owó ilé ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ òfúrufú ní àlọ àti àbọ̀, owó ibùgbé, kò ju èyí tí rìsíìtì wà fún lọ; owó oṣù kò sí níbẹ̀. Títí di ìgbà wo? Oṣù mẹ́rìnlélógún, láti ọjọ́ tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́rìnlélógún: oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe pé, ìpín kan kúrò. Ó fi àpẹẹrẹ sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lóye ìṣirò tí wọn kò rí: bó bá ṣe oṣù méjìdínlógún kó tó kúrò, ìpín mẹ́fà ló kù, ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà nìyẹn, kò sì ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà wo ló máa san án? Bó bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ kúrò, tàbí bí wọ́n bá lé e nítorí ìwà àìdáa ńlá tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu rẹ̀ lórí ẹ̀. Ìgbà wo ni kò ní san án? Bí àìsàn bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá kú, bí ilé ìwòsàn bá dá a dúró láìṣẹ̀, bí ilé ìwòsàn kò bá san owó oṣù rẹ̀ tó fi di dandan kó lọ. Báwo ló máa san án? Díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù méjìlá, wọn kò sì ní yọ ọ́ nínú owó oṣù ìkẹyìn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Onígbọ̀wọ́ kò sì ní jẹ gbèsè ju èyí tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá jẹ lọ. Lókè pátápátá, ó kọ ọ́ pé ọjọ́ méje ni òṣìṣẹ́ ní láti ka ìwé náà, kó sì fi han ẹni tó bá wù ú, kó tó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé e lọ bá Dókítà Àgbà. Agbẹjọ́rò náà wà níbẹ̀, obìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ máa ń wà ní góńgó imú. Dókítà kà á, ó fa ojú ro.

"Èyí rọ̀ jù. Ọdún mẹ́ta ni mo mọ̀. Ṣé nítorí pé àbúrò rẹ ni?"

"Sà, nítorí pé àbúrò mi ni ni mo ṣe kọ́kọ́ jẹ́ kó le."

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

"Kò ní ìtumọ̀, sà. Ẹ rántí ọkùnrin tó ń ya àwòrán egungun. Oṣù méjì ló kù fún un. Ìyàwó rẹ̀ ló sanwó fún wa. Láti ìgbà yẹn, èèyàn mélòó ló ti gbà kí a rán òun lọ kọ́ṣẹ́? Ẹni méjì ni mo pè, àwọn méjèèjì ní àwọn kò lọ."

Dókítà kò mọ̀ nípa ẹni méjì yẹn.

Agbẹjọ́rò gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Dókítà. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ti sìn yín dé oṣù tó kẹ́yìn san gbogbo owó, adájọ́ lè sọ pé ìjìyà lẹ fi jẹ ẹ́, kì í ṣe owó yín lẹ̀ ń gbà padà, kó sì da gbogbo rẹ̀ nù. Ohun tí Akọ̀wé kọ yìí, èmi lè dúró tì í níwájú adájọ́."

Dókítà tún un kà. Ó ní kí oṣù mẹ́rìnlélógún dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Akọ̀wé ń jáde, ó ní, "O mọ̀ ọ́n kọ o." Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Akọ̀wé ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì rí adùn rẹ̀ nígbà tó dé.

Ọjọ́ méje bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ gba ẹ̀dà tuntun, ó dúpẹ́. Láàárọ̀, bí wọ́n bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Mà! Bí ẹni ń kí alábòójútó láti ìta wá. Kì í ṣe "ẹ̀gbọ́n mi", kì í ṣe nǹkan kan. Ọ̀wọ̀ ló pọ̀ nínú ìkíni náà, ọ̀wọ̀ yẹn sì ń ta Akọ̀wé bí èèrùn. Ó gbọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń bá a ṣètò àpótí ìrìnàjò. Ó gbọ́ pé ó ti ra aṣọ òtútù. Kí ẹ sì má rò pé ìlara ti lọ nítorí pé ìtìjú dé. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú rẹ̀ bí àwọn ayálégbé tí kì í kí ara wọn.

Ní ọjọ́ keje, Jẹ́jẹ́ wọlé. Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá lọ ìsinmi ìbímọ, ṣé ẹ máa ka àwọn oṣù yẹn mọ́ mẹ́rìnlélógún, àbí wọ́n á dúró dè mí?"

Akọ̀wé wo ìwé náà. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, kò rò ó. "Mo gbàgbé."

"Mo rí i pé ẹ gbàgbé."

Ó tẹ̀ ẹ́ sí i lójú Jẹ́jẹ́ níbẹ̀: ìsinmi ìbímọ àti ìsinmi àìsàn wà lára oṣù iṣẹ́. Ó gbé e lọ fún agbẹjọ́rò àti Dókítà, wọ́n sì gbà á. Nígbà tó padà dé pẹ̀lú ẹ̀dà tí ó mọ́, Jẹ́jẹ́ tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò kánjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i.

Ibi onígbọ̀wọ́ ṣófo. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ó yí ìwé náà padà títí tó fi kọjú sí Akọ̀wé, ó gbé bírò lé e.

"Mo ti kà á, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin náà, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ kà á."

Akọ̀wé fa àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí akẹ́kọ̀ọ́ níwájú tíṣà, àbúrò rẹ̀ sì dúró tì í. Ó ka ìgbà tí yóò san án, ó ka ìgbà tí kò ní san án. Nínú báàgì Jẹ́jẹ́ tó wà lórí àga kejì, ó rí etí ìwé ọkọ̀ òfúrufú, àyà rẹ̀ sì tún gbóná bíi tọjọ́ Ajé. Ó kà á dé ìparí. Ìlara náà ṣì wà nínú rẹ̀, kò lọ síbì kankan, àmọ́ ó wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú ìwé, kò sì rí i níbẹ̀. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó fọwọ́ sí i.